Orin Lè Ran Aláìsàn Lọ́wọ́, Ṣùgbọ́n Orin Wo, Aláìsàn Wo?

Bí ẹ bá tan rédíò ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa fi gbọ́ ìpolówó àgbo. Ẹni tó ń polówó á ka àìsàn mẹ́wàá tí àgbo náà ń wò, lẹ́yìn náà ohùn kan á sáré sọ pé àjọ NAFDAC kò tíì yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Gbólóhùn yẹn kúrú, wọn kì í sì í fẹ́ kó pẹ́ létí èèyàn, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ orin, kò sí gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kó orin sórí mẹ́mórí káàdì ní Sábó lè sọ pé orin báyìí ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, pé tọ̀hún ń jẹ́ kí ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, pé èyí tí aláboyún bá gbọ́, ọmọ tó máa bí á ní làákàyè ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà á dé orí Wásáàpù, á ti ibẹ̀ dé orí rédíò, nígbà tó bá sì máa dé inú ìwé ìròyìn, wọ́n á ti fi kún un pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò kọ èyí láti sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rí wà pé orin ń ṣe àwọn aláìsàn kan lóore, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n ti fi ìdánwò gidi wádìí rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀rí náà ní ààlà, ààlà yẹn gan-an la sì máa ń kọ́kọ́ jù nù tá a bá fẹ́ kọ ìròyìn. Tá a bá ti jù ú nù, òbí á ná owó tí kò ní, aláìsàn á sì fi ìtọ́jú tó yẹ ẹ́ sílẹ̀ torí orin.

Ohun méjì ló yẹ ká kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni pé kí nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rin sí aláìsàn létí, kó máa gbọ́ orin tó fẹ́ràn. Èkejì ni ìtọ́jú pẹ̀lú orin fúnra rẹ̀. Nínú èyí, ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà, tá a lè pè ní aforintọ́jú, á jókòó ti aláìsàn, wọ́n á jọ máa ṣe orin tàbí kí wọ́n jọ gbọ́ ọ. Ó ní ohun pàtó tó ń lé, ó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń yí ọwọ́ padà bí aláìsàn bá ṣe ń dá a lóhùn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe ara rẹ̀ ní aforintọ́jú bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nígbà ogun àgbáyé kejì ló jẹ́ kí iṣẹ́ yìí di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì. Ọdún 1950 ni àwọn oníṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ níbẹ̀.

Gbígbọ́ orin lásán ní ẹ̀rí tirẹ̀, ẹ̀rí náà sì lágbára ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Lọ́dún 2015, ìwé ìmọ̀ ìṣègùn tó ń jẹ́ Lancet gbé iṣẹ́ kan jáde tó kó ìdánwò 73 pọ̀, èyí tí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méje aláìsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ wà nínú wọn. Àwọn tó gbọ́ orin ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ní ìrora tó dín, ẹ̀rù wọn dín, oògùn apàrora tí wọ́n lò náà sì dín. Ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tí wọ́n lò lórí bẹ́ẹ̀dì kò dín. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé orin ń jẹ́ kí aláìsàn tètè kúrò ní ilé ìwòsàn ti sọ ohun tí ìwádìí náà kò rí. Bákan náà ni ẹni tó bá fi í polówó aforintọ́jú: kò sí aforintọ́jú nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ ìdánwò náà, orin inú ẹ̀rọ ni.

Tó bá di iṣẹ́ aforintọ́jú fúnra rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò jọra. Helen Bonny ní Amẹ́ríkà dá ọ̀nà kan sílẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979, níbi tí aláìsàn ti ń dùbúlẹ̀, tó ń gbọ́ orin tí wọ́n ti tò, tó sì ń sọ ohun tó ń rí lọ́kàn rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í. Mary Priestley ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí aláìsàn fi ohun èlò orin sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ. Èyí tó yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀ ni ti Michael Thaut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń lo ìlù láti fi kọ́ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù bí á ṣe tún rìn, torí pé ìlù ni ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ rò pé àwa mọ̀ jù lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á ní kí aláìsàn rìn bó ṣe lè rìn, wọ́n á sì ka iye ẹsẹ̀ tó gbé ní ìṣẹ́jú kan. Ká ní ó jẹ́ 60. Ìró tí wọ́n máa kọ́kọ́ lù fún un náà á jẹ́ 60 géérégé ní ìṣẹ́jú kan, kò ní yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ná. Nígbà tí ẹsẹ̀ tó ń wọ́ bá ti ń balẹ̀ pẹ̀lú ìró bíi ti èkejì rẹ̀, wọ́n á fi ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ìyẹn ni pé á di 63 tàbí 66. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ́ ọ bí á ṣe yí padà, bí á ṣe dúró, bí á ṣe gun àtẹ̀gùn. Níkẹyìn, wọ́n á máa dín ìró kù díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìrìn náà á dúró tí ìlù kò bá sí mọ́. Bí aláìsàn bá ń sá tẹ̀ lé ìró, tó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ kọ́ra, ìró ti yá jù nìyẹn, ó sì lè ṣubú. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n ṣe é láìsí oníṣẹ́ ìfaradánrawò ilé ìwòsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn ni láti kó gbogbo ìdánwò lórí ìtọ́jú kan jọ kí wọ́n sì wọ̀n wọ́n, gbé èyí yẹ̀ wò lọ́dún 2017. Ìdánwò 29 ni wọ́n rí lórí orin fún àwọn tí ọpọlọ wọn fara pa, èèyàn 775 ni gbogbo wọn. Ibi tí ẹ̀rí ti dára jù ni ìrìn lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì lò níbẹ̀ náà ni pé ó lè ṣe ìrànwọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn onílù wa fiyè sí ni pé ìró tó dọ́gba ni ìtọ́jú yìí ń fẹ́. Kónkóló tí ń bẹ nídìí ọ̀pọ̀ ìlù wa kò dọ́gba láti ibì kan dé èkejì, ìyáàlù sì ń sọ̀rọ̀, ó ń dúró, ó ń sáré. Ẹ̀wà rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó lè da ẹsẹ̀ aláìlera rú. Bí wọ́n bá fẹ́ lo onílù, ẹni tó ń di ìró mú lọ́nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá.

Ọ̀nà míì wà tí kò lè kọjá láti Amẹ́ríkà wá sọ́dọ̀ wa láìjẹ́ pé a tún un ṣe. Lọ́dún 1973, Albert, Sparks àti Helm ní Boston kọ̀wé nípa àwọn tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn àmọ́ tí wọ́n ṣì lè kọrin. Wọ́n á mú gbólóhùn kúkúrú, wọ́n á fi ohùn gíga àti ohùn ìsàlẹ̀ kọ ọ́, wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì aláìsàn lu tábìlì fún sílébù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á jọ kọ ọ́, lẹ́yìn náà aláìsàn nìkan á kọ ọ́, títí orin á fi máa yí padà di ọ̀rọ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí wàhálà bí ohùn bá gòkè tàbí tó bá sọ̀ kalẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, bí ohùn bá ti yẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan míì. Aforintọ́jú tó bá fẹ́ lò ó fún ẹni tó ń sọ Yorùbá ní láti jẹ́ kí orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ náà, bí onídùndún ṣe ń ṣe. Nítorí náà, àbájáde tí wọ́n rí lára àwọn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun tí akọ̀ròyìn lè ṣèlérí fún aláìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan ti dán an wò nínú èdè tiwa.

Àwọn kan á ní kí la tún ń wá lọ sí Boston, ṣebí àwọn baba wa ti ń fi orin wo aláìsàn. Ní Sábó, níbi tí àwọn Hausa àti Yorùbá ti ń gbé pọ̀, a mọ irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Àwọn Hausa ní bòòrí, níbi tí wọ́n ti máa ń lu gòjé tàbí garaya fún ẹ̀mí tí wọ́n gbà pé ó ń da aláìsàn láàmú, ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orin tirẹ̀. Fremont Besmer kọ ìwé ńlá nípa rẹ̀ lọ́dún 1983. Lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀san ní Ẹdó, Charles Aluede ti ṣe ìwádìí lórí ẹgbẹ́ Ìyàyí, tó ń fi orin àti ijó ṣe ìwòsàn. Iṣẹ́ wọ̀nyí níyì púpọ̀. Wọ́n sọ fún wa ẹni tó ń kọrin, ohun tí orin náà jẹ́ fún aláìsàn, àti bí ẹbí ṣe ń pé jọ yí i ká. Ohun tí wọn kò lè sọ ni iye àwọn tí ara wọn ì bá yá bí kò bá sí orin rárá, torí pé kì í ṣe ohun tí wọ́n wá lọ nìyẹn. Akọ̀ròyìn tó bá gba ẹ̀rí irú kìíní, tó wá fi ṣe ẹ̀rí irú kejì, ń sọ ohun tí olùwádìí náà fúnra rẹ̀ kò sọ.

Ìdí tí ẹ̀rí kejì yẹn fi ṣòro ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ṣàlàyé, torí pé òun ló fi bí ìròyìn ṣe lè ṣini lọ́nà hàn ju gbogbo ìyókù lọ. Ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó Ọ̀yọ́ sọ fún mi nípa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ti pé ọdún mẹ́rin. Ọmọ náà kì í dáhùn bí wọ́n bá pè é, kì í wo ojú èèyàn, ṣùgbọ́n tí onílù bá kọjá, á mú ìdérí ìkòkò, á sì máa lù ú láìṣìnà. “Bọ̀dá, wọ́n ní orin kan wà tí mo lè rà fún un. Ṣé á sọ̀rọ̀?”

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Paul Nordoff, olórin láti Amẹ́ríkà, àti Clive Robbins, olùkọ́ àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ìtọ́jú, bẹ̀rẹ̀ sí í bá ṣiṣẹ́ ní ilé Sunfield ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1959. Wọn kì í kọ́ ọmọ ní orin. Ọmọ á lu ìlù bó ṣe wù ú, ẹni tó wà nídìí dùùrù á sì tẹ̀ lé e: bó bá yára, òun náà á yára, bó bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Nígbà tó bá yá, á mọ̀ọ́mọ̀ dúró díẹ̀ láti wò ó bóyá ọmọ náà á yíjú wá a. Ìgbà tí ojú méjèèjì bá pàdé, tí ọmọ bá tún lu ìlù láti pè é padà, ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọmọ tí kò lè bá èèyàn fọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró de ara wọn nípasẹ̀ ìlù.

Lọ́dún 2014, ẹgbẹ́ Cochrane kó àwọn ìdánwò tó wà nílẹ̀ jọ. Mẹ́wàá ni, ọmọ 165 péré ló wà nínú gbogbo wọn, ìyẹn ni pé ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní bí ọmọ mẹ́rìndínlógún. Àbájáde wọn dùn: ó jọ pé orin ń jẹ́ kí ọmọ túbọ̀ bá èèyàn da nǹkan pọ̀, kó sì túbọ̀ sọ̀rọ̀. Ìròyìn tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò kékeré ní ewu tirẹ̀. Bí ọmọ mẹ́jọ bá wà ní apá kan tí mẹ́jọ sì wà ní ìkejì, ọmọ kan ṣoṣo tó já fáfá lè yí ìṣirò gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ padà. Èyí tí àbájáde rẹ̀ bá sì dùn ni wọ́n máa ń tètè tẹ̀ jáde, èyí tí kò rí nǹkan kan á wà nínú dúrọ́ọ̀. Nígbà míì pẹ̀lú, inú yàrá orin gan-an ni wọ́n ti ń díwọ̀n ọmọ náà, kì í ṣe ilé tàbí ilé ìwé.

Nítorí èyí ni wọ́n fi ṣe ìdánwò ńlá kan tí wọ́n pè ní TIME-A, tí àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn JAMA lọ́dún 2017. Ọmọ 364 láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ni wọ́n lò, ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje. Wọ́n ṣẹ́ kèké láti pín wọn sí méjì, 182 ní apá kọ̀ọ̀kan, kí òbí tàbí dókítà má bàa yan èyí tó wù ú. Apá kan gba ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀ àti ìgbani-nímọ̀ràn fún òbí. Apá kejì gba gbogbo ìyẹn, wọ́n sì fi orin kún un fún oṣù márùn-ún, àwọn kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àwọn kan lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó ń díwọ̀n ọmọ kò mọ apá tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà, ohun tí wọ́n sì ń díwọ̀n ni bí ìṣòro ọmọ náà láti bá èèyàn da nǹkan pọ̀ ṣe tó. Bí nọ́ńbà bá ga, ìṣòro pọ̀. Bó bá wálẹ̀, ìṣòro ti dín.

Àwọn ọmọ tó gba orin bẹ̀rẹ̀ ní 14.08, lẹ́yìn oṣù márùn-ún wọ́n wà ní 13.23. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí ná. Bí akọ̀ròyìn bá ka ibí yìí tó sì gbé bíírò rẹ̀, á kọ ọ́ pé ara àwọn ọmọ náà yá díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n gba orin, kò sì ní purọ́ nínú ohun tó kọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò gba orin bẹ̀rẹ̀ ní 13.49, wọ́n sì parí ní 12.58. Ti àwọn tó gba orin fi 0.85 wálẹ̀, ti àwọn tí kò gbà á fi 0.91 wálẹ̀. Ọmọ ń dàgbà, ó ń gba àwọn ìtọ́jú míì, òbí rẹ̀ ń kọ́gbọ́n. Nǹkan wọ̀nyí ló ń mú kí nọ́ńbà wálẹ̀ ní apá méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò tó yẹ, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ 0.06, èyí tí kò ju ohun tó lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lọ. Orin náà kò mú ìyàtọ̀ wá lórí ohun tí wọ́n dìídì lọ wá.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀, ẹni tó bá sì kọ ọ́ pé “orin kò ṣe nǹkan kan” náà ti kọjá ààyè rẹ̀. Lọ́dún 2022, Cochrane tún gbogbo rẹ̀ wò, ìdánwò ti di 26, ọmọ àti àgbà tó wà nínú wọn sì ti di 1,165. Wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe kí orin mú kí ipò ọmọ lápapọ̀ sàn sí i nígbà tí ìtọ́jú bá parí, kó sì mú kí ìgbé ayé rẹ̀ rọrùn sí i. Wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń mú kí ọmọ sọ̀rọ̀ sí i, tàbí pé ó ń mú kó bá èèyàn da nǹkan pọ̀ sí i. Wọn kò sì rí i pé ó ṣe àwọn ọmọ náà ní ibi.

Ohun tí mo sọ fún ìyá ọmọ náà nìyẹn, ní ọ̀rọ̀ tó kúrú jù èyí lọ. Mo ní, “Mọ́mì, ẹ má ra nǹkan kan torí pé á sọ̀rọ̀. Bí ìlù bá ń mú inú rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ kó máa lù ú, ẹ sì bá a lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò dáadáa, kí dókítà ọmọdé sì rí i.” Ọmọ tó ń gbọ́ ìlù ńlá lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu díẹ̀ tàbí kó má gbọ́ ọ rárá, torí náà ìlù lílù rẹ̀ kò fi hàn pé etí rẹ̀ pé. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Bowen àti ti Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀ sì ni ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ẹ̀kọ́ wà.

Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ilé, ẹ wo orílẹ̀-èdè Gáḿbíà. Àwọn obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kanyeleng, ẹgbẹ́ àwọn tí kò rí ọmọ bí tàbí tí ọmọ ń kú mọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n ń kọrin kiri ìlú. Àwọn olùwádìí bá wọn ṣiṣẹ́ ní ibùdó aláboyún mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn aláboyún fi bá wọn kọrin, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì jáde nínú BMJ Open lọ́dún 2020. Àmì ìdààmú ọkàn dín lára wọn ju ti àwọn tí kò kọrin lọ. Èyí wù mí púpọ̀, torí pé orin ìlú náà ni wọ́n lò, àwọn obìnrin ìlú náà ló sì darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí fúnra wọn sọ pé ìdánwò kékeré ni, láti mọ̀ bóyá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe kí wọ́n tó ṣe ńlá. Akọ̀ròyìn tó bá yọ gbólóhùn yẹn kúrò ti ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá yọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1993, ìwé ìròyìn Nature tẹ iṣẹ́ kan jáde nípa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 tí wọ́n gbọ́ orin Mozart fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí wọ́n sì ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò kan tó jẹ mọ́ bí wọ́n ṣe ń ká bébà tí wọ́n sì ń gé e. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí ipa rẹ̀ fi lọ. Kò sí ọmọ ọwọ́ kankan nínú rẹ̀, kò sí aláboyún. Lọ́dún 1998, gómìnà Ìpínlẹ̀ Jọ́jíà ní Amẹ́ríkà, Zell Miller, béèrè fún dọ́là 105,000 kí wọ́n fi ra orin fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Àwọn tó tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn náà rí ipa tó kéré gan-an tàbí kí wọ́n má rí nǹkan kan. Orin tí wọ́n ń tà fún aláboyún wa lónìí, ara igi yẹn ni ẹ̀ka rẹ̀ ti yọ.

Báwo ló ṣe yẹ kí a kọ ọ́? Ká mú gbólóhùn tó wọ́pọ̀ kan: “Orin ń wo àìsàn ìgbàgbé àwọn àgbà.” Ní ọdún 2018, Cochrane rí ìdánwò 22, pẹ̀lú èèyàn 1,097. Kí ni wọ́n rí? Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dín, ìwà tó ń da ẹbí láàmú náà dín lápapọ̀. Ọpọlọ wọn kò jí padà, ìgbàgbé kò dín tó bẹ́ẹ̀, ìbínú àti ìjà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nítorí náà, “ń wo” ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, “orin” ní láti sọ irú orin tó jẹ́ àti iye ìgbà, torí pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ṣe é fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. A tún ní láti sọ ìgbà tí wọ́n díwọ̀n rẹ̀, ìyẹn ìgbà tí ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Gbólóhùn tó kù lẹ́yìn gbogbo èyí ni pé: “Nínú ìdánwò lára nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan àgbàlagbà tí àìsàn ìgbàgbé ń bá jà, àwọn tí wọ́n fi orin kún ìtọ́jú wọn fún ìgbà márùn-ún ó kéré tán ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó dín nígbà tó parí, orin náà kò dá iyè wọn padà.” Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì dùn ún fi ṣe àkọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè gbé ìpinnu lé e láìkábàámọ̀.

Ohun kan kù tí mi ò lè fi sílẹ̀, torí pé òun ló lè pa èèyàn. Cochrane ti wo orin fún àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní sikisofíréníà lọ́dún 2017, ìdánwò 18, èèyàn 1,215, wọ́n sì rí i pé ó ṣe ìrànwọ́ fún ìṣesí wọn àti bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ gbé, pàápàá tí wọ́n bá ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi orin kún. Wọn kò fi orin rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rí yìí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ju oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin olóòtú, ẹ̀yin tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò àti ẹ̀yin tó ń kọ̀wé sórí ayélujára, bí àyè gbólóhùn kan ṣoṣo bá kù fún yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ orin àti ìwòsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ fún aláìsàn pé kó má ṣe fi oògùn tí dókítà fún un sílẹ̀.